Ibi tí owó ìgbọ́ orin kan ti ń wá

Kò sí iye kan pàtó tí ìkànnì bíi Spotify dá lé ìgbọ́ orin kan. Iye tí àwọn èèyàn máa ń dárúkọ, ìṣirò oṣù tó ti kọjá ni. Inú àpò kan ni owó ti ń jáde, orin kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ orin tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò bá péye lè pàdánù ìpín náà, bó ti wù kí wọ́n gbọ́ ọ tó.

Olórin tó dá dúró kì í sábà lè gbé orin sórí àwọn ìkànnì ńlá fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ olùpínkiri, irú bíi DistroKid, TuneCore tàbí CD Baby, ló ń bá a gbé e. Wọn yóò gba fáìlì WAV, àwòrán iwájú orin tí igun rẹ̀ dọ́gba (píksẹ́lì 3,000 lọ́nà méjèèjì ló dára jù), orúkọ àwọn tó kọ ọ́, àti ọjọ́ ìjáde. Kí ọjọ́ ìjáde jìnnà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Bí wọ́n bá dá àwòrán padà nítorí pé nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀, àyè á ṣì wà láti tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni orin yóò gba nọ́ńbà méjì. UPC jẹ́ ti àwo orin lódindi. ISRC, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 12, jẹ́ ti orin kan ṣoṣo tí wọ́n gbà sílẹ̀. ISRC yìí ni owó ń tẹ̀ lé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ìgbà tí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ olùpínkiri kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á gbé orin náà sókè, wọ́n á fi àyè ISRC sílẹ̀ lófìfo, olùpínkiri tuntun á sì fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Lójú ìkànnì, orin mìíràn nìyẹn: iye ìgbọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kí ẹni tó ń ṣí lọ da ISRC àtijọ́ kọ, kó lo fáìlì kan náà àti àkọlé kan náà, kó má sì pa ti àtijọ́ rẹ́ títí tuntun yóò fi hàn lórí ìkànnì.

Ó wá ku ìṣirò. Lórí Spotify, ìgbọ́ tó bá pé ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n ń kà. Láti 2024, orin gbọ́dọ̀ ti ní ìgbọ́ 1,000 láàárín oṣù 12 tó ṣáájú kó tó gba ohunkóhun. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀, àpò àwọn asanwó oṣooṣù sì yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìpolówó ọjà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní lóṣù kan, àpò àwọn asanwó ní orílẹ̀-èdè kìíní jẹ́ dólà 520,000, gbogbo ìgbọ́ níbẹ̀ sì jẹ́ 130,000,000. Pín owó sí ìgbọ́, yóò jẹ́ dólà 0.004. Orin tó ní ìgbọ́ 20,000 níbẹ̀ yóò gba dólà 80. Ní orílẹ̀-èdè kejì, níbi tí owó oṣooṣù ti kéré, àpò jẹ́ dólà 30,000, ìgbọ́ sì jẹ́ 60,000,000. Ìgbọ́ 20,000 kan náà yóò mú dólà 10 péré wá.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àpò kìíní kò yí padà, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn gbọ́ orin jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbọ́ wá di 160,000,000. Ìgbọ́ 20,000 ti di dólà 65. Kò sẹ́ni tó jí owó. Àwọn tó ń pín in ló pọ̀ sí i. Nítorí náà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kan olùpínkiri, kó ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, kó sì pín owó sí ìgbọ́ lórí ìlà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.

Olùpínkiri ń gba tirẹ̀ bí owó ọdọọdún tàbí bí ìdá kan nínú owó tó wọlé. Bó bá jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, dólà 90 ti oṣù kìíní yóò ku dólà 76.50. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìgbọ́ kó tó wọlé.

Ìgbọ́ tí wọ́n fowó rà burú ju àìsí ìgbọ́ lọ. Bí ìgbọ́ bá fò sókè lójijì láti ìlú kan ṣoṣo, tí àwọn olùgbọ́ sì kéré gan-an sí iye ìgbọ́, ìkànnì á yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ó lè bu owó ìtanràn lé olùpínkiri, èyí tí òun náà máa ń yọ lára owó olórin, tàbí kó pa orin náà rẹ́.

Gbogbo ìṣirò òkè yìí, owó orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nìkan ni. Owó ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ń gba ọ̀nà mìíràn lọ, sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń gba owó fún àwọn akọrinsílẹ̀, kì í sì í wọ inú ìwé olùpínkiri àfi bí olórin bá forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́tọ̀.