Àpèta ni, kì í ṣe "olórin sáà": ọ̀rọ̀ lórí James Jamerson

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pe irú àwọn onijìtá bíi James Jamerson, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ta béèsì sí orin olórin, ní "olórin sáà"? Sáà tí àwa mọ̀ ni sáà ilé ìwé àbí sáà ìjọba, kí ló wá kan ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè sí sítúdíò pé wá ta béèsì sí orin yìí fún wa, kó gbowó ẹ̀ kó máa lọ? Àwọn míì ní "jìtá ẹ̀yìn", ìyẹn náà ò bá a mu, torí ẹni tó dúró lẹ́yìn olórin lórí pèpéle, gbogbo ayé ṣì ń rí i, ẹni tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó rí i rárá. Àwọn tó ní ká kúkú fi í sílẹ̀ ní "sẹ́ṣọ̀n máànù", mi ò tiẹ̀ dá wọn lóhùn.

Àpèta lèmi ń pè é. Àpèjẹ, wọ́n pè wá jẹ, àpèta, wọ́n pè wá ta, ó tán. Ọ̀gbẹ́ni kan bá mi jà pé ó dún bí ẹni pé wọ́n pe èèyàn wá tajà, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ fetí sí ohùn orí ẹ̀, tà ti ọjà lọ sílẹ̀, ta ti jìtá wà láàárín, ọmọ Yorùbá wo ló máa ṣi ìyẹn gbọ́?

Iṣẹ́ àpèta dà bíi ti ìyá alásè tí wọ́n gbà síbi ìnáwó: ẹ̀yìnkùlé ló wà nínú èéfín, olóńjẹ ń gbé abọ́ jáde, àwọn àlejò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jọ́ ìbí pé ọbẹ̀ yìí dùn o, kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó sè é.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú àpèta wọ gbọ̀ngàn àwọn olókìkí fi le. Tó bá jẹ́ akọrin, wọ́n á ka orin ẹ̀, èrò á pàtẹ́wọ́. Ọdún 2000 ni gbọ̀ngàn olókìkí rọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ẹ̀ka fún irú wọn, Jamerson wà lára àwọn 5 àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ti kú láti 1983. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní máìkì lọ́jọ́ náà, mi ò ní sọ pé ó ṣe gudugudu méje, ohun tó ń fọwọ́ ṣe ni mo máa sọ.

Detroit ni, sítúdíò Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, nínú yàrá ìsàlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ihò ejò. Lọ́pọ̀ ìgbà, bébà tí wọ́n á gbé síwájú ẹ̀, kọ́ọ̀dù lásán ló wà níbẹ̀, béèsì tó máa ta, òun ló máa wá a fúnra ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíì á kàn máa lu ohùn tó ni kọ́ọ̀dù yẹn ní mẹ́rin mẹ́rin títí orin á fi parí. Jamerson á tẹ ohùn yẹn níbi tó ti yẹ gan-an kí ilẹ̀ má bàa yẹ̀ lẹ́sẹ̀ akọrin, lẹ́yìn náà á wá máa fo káàkiri, á gba orí okùn tí kò tẹ̀ rárá kọjá, á já sínú kọ́ọ̀dù tó kàn lásìkò tó yẹ. Ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló sì fi ń ta gbogbo ẹ̀. Okùn jìtá ẹ̀, àyàfi tó bá já kó tó pààrọ̀ ẹ̀, ó ní fóòmù lábẹ́ ìdérí ìdí okùn tó ń pa ohùn náà kú díẹ̀, ìdí nìyẹn tí béèsì ẹ̀ fi máa ń dún gbù, kì í han-ni létí. Ẹ lọ gbọ́ Bernadette ti Four Tops, 1967, ẹ gbàgbé akọrin, ẹ tẹ̀lé béèsì nìkan.

Àwọn kan á ní owó ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni Motown wá ń san fún un nígbà tó yá, pé kì í ṣe àpèta gidi. Mi ò rí ìyàtọ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣì ń pè é, ó ṣì ń ta.

Ohun tó dùn mí ni orúkọ. Gbogbo ọdún tó fi ń ṣe èyí, orúkọ ẹ̀ ò sí lẹ́yìn àwo kankan ní Motown, àfi ní 1971 tí Marvin Gaye gbé What's Going On jáde tí wọ́n kọ orúkọ àwọn elérè síbẹ̀. Torí àìkọ yẹn làwọn èèyàn ṣe ń jà dòní lórí ẹni tó ta èyí àti ẹni tó ta tọ̀hún. Nínú àwo yẹn pàápàá, kì í ṣe òun nìkan ló ta béèsì, orin Mercy Mercy Me, Bob Babbitt ló ta á, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwọ̀lé má lọ kà á mọ́ ti Jamerson.