Ohun tí ìwádìí ti rí, ìfọwọ́sọ̀yà kò lè bò ó

Ẹni tó bá ra gbogbo ṣíà ilé-iṣẹ́ kan, tòun ti gbèsè rẹ̀ ló rà á. Lójú òfin, ilé-iṣẹ́ náà kò kú, kò sì di tuntun. Ẹni tó ni ín nìkan ló yí padà. Owó-orí tí wọn kò san lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí olùrà bá gba kọ́kọ́rọ́. Ìdí nìyí tí olùrà fi ń rán lọ́yà àti oníṣirò owó lọ tú ìwé ilé-iṣẹ́ wò kó tó sanwó. Ṣùgbọ́n ìwé kan ni àbájáde ìwádìí wà, ìwé mìíràn ni àdéhùn rírà ṣíà, ọwọ́ tó kọ wọ́n sì sábà máa ń yàtọ̀. Iṣẹ́ tó kù, tí ọ̀pọ̀ sì ń kánjú ṣe, ni kí a gbé àwọn méjèèjì síwájú ara wọn.

Oríṣi ààbò méjì ló wà nínú àdéhùn náà. Àkọ́kọ́ ni ìfọwọ́sọ̀yà: olùtà á sọ pé báyìí-báyìí ni nǹkan rí, fún àpẹẹrẹ, pé ilé-iṣẹ́ ti san gbogbo owó-orí tó yẹ. Bó bá jẹ́ irọ́, olùrà lè pè é lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi hàn iye tí ṣíà náà fi dín sí ohun tó yẹ kó jẹ́. Èkejì ni ìlérí ìsanpadà. Èyí dárúkọ nǹkan kan pàtó, ó sì ní bí nǹkan náà bá ná olùrà lówó, iye tó bá ná an ni olùtà yóò san padà. Ìfọwọ́sọ̀yà wà fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Ohun tí a ti mọ̀, ìlérí ìsanpadà ló yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ilé-iṣẹ́ kan ń jèrè mílíọ̀nù 100 lọ́dún, olùrà sì fẹ́ san ìlọ́po márùn-ún èrè náà, ìyẹn mílíọ̀nù 500. Ìwádìí wá rí i pé òṣìṣẹ́ 40 ló wà tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gan-an ni wọ́n. Nítorí èyí, ilé-iṣẹ́ kò san owó tí òfin ní kí agbanisíṣẹ́ máa san lórí wọn, 200,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ mílíọ̀nù 8 lọ́dún. Ọdún mẹ́ta fún wa ní mílíọ̀nù 24. Ká ní owó ìtanràn jẹ́ mílíọ̀nù 6, gbogbo rẹ̀ di mílíọ̀nù 30.

Olùrà ka àdéhùn, ó rí ìfọwọ́sọ̀yà lórí owó-orí àti owó òṣìṣẹ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kò yẹ kó balẹ̀. Olùtà ní ìwé mìíràn tó ń fi ṣọwọ́ pẹ̀lú àdéhùn, ìwé ìjẹ́wọ́, níbi tó ti ń ka àwọn ohun tó tako ìfọwọ́sọ̀yà rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá ti jẹ́wọ́ dáadáa níbẹ̀ kì í ṣe irọ́ mọ́, olùrà kò sì lè gba owó lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn ìwé náà á sọ pé gbogbo fáìlì tí wọ́n kó fún àwọn olùwádìí jẹ́ ara ìjẹ́wọ́. Inú fáìlì yẹn gan-an ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ 40 náà! Yàtọ̀ sí èyí, àdéhùn kan lè ní gbólóhùn pé olùrà kò lè béèrè owó lórí ohun tó ti mọ̀ kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí àdéhùn bá sì dákẹ́, òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ọdún 1992, nínú ẹjọ́ Galli àti Metz, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà, tó ń lo òfin ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì, sọ pé bí olùtà fúnra rẹ̀ bá ti fi òótọ́ han olùrà, tí olùrà sì parí ọjà láìsọ ní kedere pé òun di ẹ̀tọ́ òun mú, ó ti yọ̀ǹda rẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, mílíọ̀nù 30 yìí gbọ́dọ̀ ní ìlérí ìsanpadà tirẹ̀. Kí ó dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, kí ó dárúkọ àwọn ọdún tó kàn, kí ó ka ìtanràn, èlé àti owó lọ́yà mọ́ ọn, kí ó sì sọ gbangba pé ìjẹ́wọ́ olùtà àti ìmọ̀ olùrà kò lè dí i lọ́wọ́.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn èyí ni abala tó ń fi ààlà sí ẹ̀tọ́ olùrà. Abala náà sábà máa ń ní ààlà lórí iye tí ẹ̀sùn kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ tó kó tó wọ kíkà. Ká ní mílíọ̀nù 1 ni. Gbèsè lórí òṣìṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́ta jẹ́ 600,000. Olùtà lè sọ pé ẹ̀sùn 40 lọ̀rọ̀ náà, pé kò sí ọ̀kan tó tó mílíọ̀nù 1, kí mílíọ̀nù 24 wá di òfo. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò. Ṣé abala náà ní “ẹ̀sùn lábẹ́ ìfọwọ́sọ̀yà” tàbí “ẹ̀sùn èyíkéyìí lábẹ́ àdéhùn yìí”? Bó bá jẹ́ èkejì, ó ti gbé ìlérí ìsanpadà mì pẹ̀lú. Ṣé ó sì sọ pé àwọn ẹ̀sùn tó ti orísun kan náà wá di ọ̀kan ṣoṣo? Bí kò bá sọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Ẹ wo gbèdéke àkókò náà: ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì ló wọ́pọ̀ fún ìfọwọ́sọ̀yà lásán, nígbà tí àwọn agbowó-orí lè padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan sí i.

Ohun kan ṣì kù tí ìlérí ìsanpadà kò lè ṣe. Gbèsè àtẹ̀yìnwá ló ń san. Láti ọdún tó ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ yóò máa san mílíọ̀nù 8 yẹn bó ṣe yẹ, èrè yóò sì di 92. Ìlọ́po márùn-ún 92 jẹ́ 460. Mílíọ̀nù 40 ni olùrà fẹ́ fi san àsanlé, tí kò sì sí ìlérí kan tí yóò dá a padà. Iye ọjà ni kí wọ́n dín kù. Ní tèmi, ibí yìí ni owó tó pọ̀ jù ti ń sọnù, nítorí pé lọ́yà ń wo gbèsè, oníṣirò owó ń wo èrè, ẹnikẹ́ni kò sì so wọ́n pọ̀.

Àtẹ kan ṣoṣo ló tó fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí ìwádìí rí, iye rẹ̀, abala ìfọwọ́sọ̀yà tó kàn, bóyá olùtà ti jẹ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí a ṣe sí i: ìlérí ìsanpadà, dídín iye kù, tàbí ohun tí olùtà gbọ́dọ̀ tún ṣe kí owó tó jáde. Èyí tó kẹ́yìn ló yẹ bí oníbàárà ńlá kan bá ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà náà fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní lo ẹ̀tọ́ yẹn kí ẹ tó sanwó. Níbi tí ìlérí ìsanpadà bá wà, ẹ tún bi ara yín léèrè ibi tí olùtà yóò ti rí owó náà lẹ́yìn ọdún méjì. Bí olùtà bá jẹ́ ẹnì kan tí yóò ti ná tirẹ̀ tán, kí mílíọ̀nù 30 wà lọ́wọ́ ẹni kẹta tí ẹ jọ fọkàn tán títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ẹ má fi ojú sọ́nà fún ìbánigbófò tí wọ́n ń rà lórí ìfọwọ́sọ̀yà: ohun tí olùrà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò.

Ìwé ìjẹ́wọ́ sì máa ń yí padà títí di òru ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Ìlà tuntun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí olùrà ń pàdánù ẹ̀tọ́ lé lórí, kí ó sì wọ inú àtẹ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bírò.