Bí ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà ṣe ń yọ iye òòfà ilẹ̀ jáde nínú àtẹ péńdúlọ́ọ̀mù

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò físíìsì ti Wáẹ́ẹ̀kì rí yóò rántí péńdúlọ́ọ̀mù: òwú tí a fi kọ́ọ̀kì méjì há lórí sítáǹdì, irin róbótó kan tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti sítọ́pùwọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí iṣẹ́ náà sábà máa ń já sí ni kí a ya gíráàfù T², àkókò àlọ-àbọ̀ kan tí a fi lọ́po ara rẹ̀, sí l, gígùn òwú, kí a wá ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní sílóòpù, kí a sì fi ṣírò g, iye òòfà ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wọn, láìmọ ohun tó fà á tí a fi ń gba ọ̀nà gíráàfù. Ṣebí ẹsẹ kan ṣoṣo nínú àtẹ ti tó láti ṣírò g? Ó tó lóòótọ́. Àmọ́ tí àṣìṣe kan tí iye rẹ̀ kì í yí padà bá sá pamọ́ sínú ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé àṣìṣe náà wọ inú èsì, ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà nìkan ni kò ní gbé e.

Ohun tí à ń wá, g, ni bí eré nǹkan tó ń já bọ́ láti òkè ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó, ó súnmọ́ 9.78 m/s². Ó fi díẹ̀ dín sí 9.81 tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé, nítorí pé ayé wú díẹ̀ ní agbedeméjì rẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ sì jìnnà sí àárín gbùngbùn ilẹ̀ ju ẹni tó wà lókè àríwá lọ. Yíyí tí ayé ń yí náà tún ń bù díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Péńdúlọ́ọ̀mù so g mọ́ nǹkan méjì tó rọrùn láti wọ̀n:

```
T² = (4π²/g) × L
```

T ni àkókò tí irin náà fi ń ṣe àlọ-àbọ̀ kan ṣoṣo. L ni gígùn láti ibi tí òwú rọ̀ sí títí dé àárín irin róbótó náà. Tí a bá ya T gan-an sí L, ìlà náà yóò tẹ̀ kọrọdọ, ojú kò sì lè dá a mọ̀ bóyá títẹ̀ náà tọ́ tàbí kò tọ́. Tí a bá ya T² sí L, yóò gún gbọọrọ, rúlà lásán sì tó láti ṣèdájọ́ rẹ̀. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ìlà gbọọrọ yẹn ni 4π²/g, kò sì sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ tí a kò mọ̀ ju g lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àtẹ kan yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wọn òwú láti ẹnu kọ́ọ̀kì dé ibi tó so ó mọ́ ìkọ́ irin, ó pe èyí ní l, ó sì gbàgbé pé láti orí kókó okùn yẹn dé àárín irin ṣì ku nǹkan bíi sẹ̀ntímítà méjì. Ó ka ogún àlọ-àbọ̀ fún gígùn kọ̀ọ̀kan, ó kọ àkókò rẹ̀ sí abẹ́ t, ó sì fi 20 pín in láti rí T.

| l (m) | t (s) | T (s) | T² (s²) |
|---|---|---|---|
| 0.20 | 18.9 | 0.945 | 0.893 |
| 0.40 | 26.0 | 1.300 | 1.690 |
| 0.60 | 31.7 | 1.585 | 2.512 |
| 0.80 | 36.3 | 1.815 | 3.294 |
| 1.00 | 40.6 | 2.030 | 4.121 |

Kí a kọ́kọ́ gba ọ̀nà àbùjá. Tí a bá ṣírò g láti inú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ àkọ́kọ́ yóò fún wa ní 8.84, èkejì 9.34, ẹ̀kẹta 9.43, ẹ̀kẹrin 9.59, ìkarùn-ún 9.58. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 9.36. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò rò pé ìpíndọ́gba ti fọ àṣìṣe náà dànù. Kò fọ ohunkóhun. Ìpíndọ́gba máa ń dín àṣìṣe tó ń lọ sókè sódò kù, bíi kí ọwọ́ yá jù lẹ́ẹ̀kan kó sì pẹ́ jù nígbà mìíràn lórí sítọ́pùwọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n sẹ̀ntímítà méjì tó sọnù yìí, ibì kan náà ló ń fa gbogbo ẹsẹ sí. Ẹ wo bí òwú kúkúrú ṣe jìyà rẹ̀ jù: sẹ̀ntímítà méjì nínú ogún pọ̀, nínú ọgọ́rùn-ún kò tó nǹkan. Kí èsì máa gun òkè báyìí bí òwú ṣe ń gùn sí i gan-an ni àmì tó ń fi han ẹni tó fojú sílẹ̀ pé nǹkan kan sá pamọ́.

Wàyí o, kí a to àmì márààrún sórí bébà gíráàfù, l sí ìbú, T² sí òró. A ó fi rúlà tó mọ́ gaara wá ìlà kan tó gba àárín wọn kọjá, tí àwọn kan bọ́ sókè rẹ̀ díẹ̀, tí àwọn kan bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀. Kò pọn dandan kí ìlà náà fọwọ́ kan àmì kankan. Lẹ́yìn náà, a ó mú ojú méjì tó jìnnà síra lórí ìlà fúnra rẹ̀, kì í ṣe láti inú àtẹ. Ní l = 0.10, ìlà wà ní 0.49; ní l = 0.90, ó wà ní 3.71. Ó gòkè 3.22 nígbà tó rìn 0.80 lọ síwájú, nítorí náà ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.025, èyí sì mú g wá sí 9.81. Tí a bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é, kó fi àlàfo àárín ìlà àti àmì kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, kó sì wá ìlà tí àròpọ̀ wọn kéré jù lọ, ohun tí a ó tẹ̀ sínú àtẹ oníṣirò kò ju èyí lọ, bí l bá wà ní A tí T² sì wà ní D:

```
=SLOPE(D2:D6,A2:A6)
=INTERCEPT(D2:D6,A2:A6)
```

Yóò dáhùn pé 4.03 àti 0.084. Láti 4.03, g jẹ́ 9.80. Àwọn àmì náà fọ́n ká díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, bí wọ́n sì ṣe fọ́n ká tó ń sọ pé èsì náà lè fi nǹkan bíi 0.04 lé tàbí kó fi dín, nítorí náà 9.78 ti Èkó wà láàárín ààlà rẹ̀. Àtẹ kan náà ni, sẹ̀ntímítà méjì ṣì sọnù síbẹ̀, àmọ́ a kúrò ní 9.36.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Gígùn tòótọ́ ni l pẹ̀lú ohun tó sọnù, kí a pè é ní c. Ìlànà wa wá di:

```
T² = (4π²/g) × l + (4π²/g) × c
```

Apá kejì yẹn kò ní l nínú, iye kan náà ló jẹ́ ní gbogbo ẹsẹ. Ohun tó lè ṣe kò ju kó gbé ìlà odindi sókè, bí ìgbà tí a gbé àkàbà tó fara ti ògiri gun orí pèpéle: àkàbà ga sí i, ìdàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ìdàgẹ̀rẹ̀ ń béèrè nípa ìyàtọ̀ àárín òwú kan àti òmíràn, c sì ti wọ́gi lé ara rẹ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn. Kódà, ìlà náà dá ohun tó sọnù padà fún wa. Ibi tó ti gé òró ni 0.084, tí a bá fi ìdàgẹ̀rẹ̀ pín in, a rí 0.021 m, ìyẹn sẹ̀ntímítà méjì àti díẹ̀, bó ṣe wà láàárín kókó okùn àti àárín irin. Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ìdí rèé tí kò fi dára kí a fi ipá mú ìlà gba ojú òdo kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ á rò ó pé òwú tí kò ní gígùn kò ní àkókò, á sì so ìlà mọ́ igun bébà. Lórí àtẹ wa, ìlà tí a so mọ́ òdo bẹ́ẹ̀ yóò dà gẹ̀rẹ̀ ní 4.14, g yóò sì di 9.53. Àṣìṣe tí òró ìbá gbà sára ti padà wọ inú ìdàgẹ̀rẹ̀. Mímú ojú méjì tó súnmọ́ra nínú àtẹ tún ń ba nǹkan jẹ́ lọ́nà mìíràn: láti 0.60 dé 0.80, èsì jẹ́ 10.10, láti 0.40 dé 0.60, ó jẹ́ 9.61. Ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá tí ọwọ́ fi pẹ́ tó láti da èsì rú tí àlàfo bá kéré.

Nígbà tí onímọ̀ físíìsì Róbáàtì Mílíkàn ń wá iye àìyípadà Pláńkì, iye tó so agbára ìmọ́lẹ̀ mọ́ bó ṣe ń gbọ̀n, ní Amẹ́ríkà, tó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1916, ọgbọ́n yìí kan náà ló lò. Ó tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sí irin, ó wọn fóòtì iná tó dá àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń fò jáde dúró, ó sì yà á sí iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá. Fóòtì kan wà tó máa ń wáyé láàárín irin méjì tí kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, èyí tó ń wọ inú ìwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iye yẹn kò bá ti yí padà láti àwọ̀ kan sí òmíràn, ibi tí ìlà ti gé òró ló ń gbé e, ìdàgẹ̀rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Àmọ́ àṣìṣe kan wà tí ìdàgẹ̀rẹ̀ kò lè lé jáde: èyí tó ń sọ gbogbo ẹsẹ di púpọ̀ tàbí dín wọn kù ní ìwọ̀n kan náà. Bí irin bá ń fì jìnnà tó ọgbọ̀n dígírì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà, T² yóò fi bí ìdá mẹ́ta àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù, g yóò sì bọ́ sí nǹkan bíi 9.47, síbẹ̀ ìlà yóò gún régé. Nítorí rẹ̀ ni a kì í fi í jẹ́ kó kọjá bíi dígírì mẹ́wàá.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kíkà. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ sítọ́pùwọ́ọ̀ṣì bó ṣe ń ṣí irin sílẹ̀, á sì pe «ení» lójú ẹsẹ̀, nígbà tó yẹ kó pe òdo. Nígbà tó bá dé ogún, àlọ-àbọ̀ mọ́kàndínlógún péré ló ti wáyé. Gbogbo àmì yóò to gbọọrọ lórí gíráàfù, ohunkóhun kò ní mú ni fura, g yóò sì jáde ní 10.85. Bí a ṣe ń mú un ni pé kí a ka òwú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, dé mẹ́wàá àti dé ogún. Lórí òwú mítà kan, kíkà dé mẹ́wàá yóò gba 18.3, dé ogún 38.6. Pín ọ̀kọ̀ọ̀kan: 1.83 àti 1.93, wọn kò bára mu, a ti mọ̀ pé kíkà ti já. Yọ 18.3 kúrò nínú 38.6, ó ku 20.3 fún mẹ́wàá tó wà láàárín, T sì padà di 2.03. Ìyàtọ̀ pín fún ìyàtọ̀ nìyẹn, ìdàgẹ̀rẹ̀ àkókò sí iye àlọ-àbọ̀.