Bí gbólóhùn kan nínú ìwé tẹ́ńdà ṣe ń di iye owó

Ìwé tí wọ́n fi ń pe àwọn agbaṣẹ́ṣe sí tẹ́ńdà kì í ṣe ẹyọ kan. Ìlànà fún àwọn tó fẹ́ díje wà níbẹ̀, àpèjúwe iṣẹ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà tí wọ́n yóò gbà fúnni ní máàkì, àtẹ tí wọ́n fẹ́ kí a kọ owó sí, àti ìwé àdéhùn tí ẹni tó bá wọlé yóò fọwọ́ sí. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe máa ń ka àpèjúwe iṣẹ́ nìkan, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń náni lówó jù lọ sábà máa ń wà nínú ìlànà àti nínú ìwé àdéhùn, níbi tí ojú kì í tètè dé.

Ẹnubodè mẹ́ta ni èsì tí agbaṣẹ́ṣe kan fi ránṣẹ́ máa ń gbà kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò. Ní ẹnubodè àkọ́kọ́, kò sí máàkì: wọ́n kàn ń wò ó bóyá gbogbo ohun tí wọ́n béèrè pé. Èsì tó dé lẹ́yìn àsìkò, wọn kì í tilẹ̀ ṣí i. Èsì tí kò ní ìbuwọ́lù lórí ìwé tẹ́ńdà fúnra rẹ̀, tàbí tí kò ní ìwé ìdúró láti báńkì, tí báńkì fi ń ṣe onídùúró pé olùdíje kò ní yẹ̀ lórí tẹ́ńdà rẹ̀, nígbà tí wọ́n béèrè fún un, ibẹ̀ náà ni yóò sùn sí, bó ti wù kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà dára tó. Ẹnubodè kejì ni ti ọ̀nà ìṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní máàkì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó ń wo owó.

Ká mú iṣẹ́ kan tí a ó máa tẹ̀ lé. Ilé-iṣẹ́ kan ní jẹnẹrétọ̀ 6, ó sì ń wá agbaṣẹ́ṣe tí yóò máa tọ́jú wọn fún ọdún 3, lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Nínú àpèjúwe iṣẹ́ náà ni gbólóhùn yìí wà: "Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láàárín wákàtí 4, lọ́sàn-án tàbí lóru, kí ó sì fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 2."

Iṣẹ́ tábìlì ìmúṣẹ, ìyẹn tábìlì tí a ń kọ gbogbo ohun tí ìwé ìpè béèrè sí lọ́kọ̀ọ̀kan, ni láti tú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ palẹ̀. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: wákàtí 4, ọ̀sán àti òru, àti ìjábọ̀. Ìlà mẹ́ta ni yóò gbà nínú tábìlì. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò ní nọ́ńbà, ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọ̀rọ̀ náà gan-an bí wọ́n ṣe kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́, ibi tí ìdáhùn wà nínú èsì wa, àti orúkọ ẹni tí yóò kọ ọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ náà sọ lédè ara rẹ̀, nítorí "gbọ́dọ̀" àti "yóò dára kí" kì í ṣe ohun kan náà. Bí a bá kùnà lórí èyí àkọ́kọ́, wọ́n lè lé èsì náà dànù. Lórí èkejì, máàkì nìkan ló máa ń lọ.

Tábìlì yìí náà ló ń mú nǹkan kéékèèké jáde. Bí wọ́n bá sọ pé owó tí a kọ gbọ́dọ̀ wà láìyí fún ọjọ́ 120, tí wọ́n sì sọ níbòmíràn pé ìwé ìdúró báńkì gbọ́dọ̀ kọjá ìyẹn ní ọjọ́ 28, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé àwòṣe Báńkì Àgbáyé, ọjọ́ 148 ni báńkì gbọ́dọ̀ kọ. Ẹni tó bá ka ojú ìwé kan ṣoṣo yóò lọ gba ti ọjọ́ 120, ẹnubodè àkọ́kọ́ yóò sì dá a dúró.

Bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ ni ìbéèrè yóò máa jáde. Láti ìgbà wo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí 4 náà: nígbà tí wọ́n pe fóònù, àbí nígbà tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́? Ìlànà máa ń sọ ọjọ́ tí ìbéèrè gbọ́dọ̀ dé, ó sì sàn ká béèrè ju ká fọwọ́ ara wa dáhùn lọ. Àmọ́ ìdáhùn máa ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo olùdíje láìdárúkọ ẹni tó béèrè, nítorí náà, kí ìbéèrè má tú àṣírí ọ̀nà tí a fẹ́ gbà ṣiṣẹ́. Bí ìdáhùn bá yí ìwé àkọ́kọ́ padà, wọn yóò fi ìwé àtúnṣe ránṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú tábìlì, torí wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí a kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́ńdà pé ó tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Nínú àlàyé ọ̀nà ìṣiṣẹ́, èsì tó burú jù lọ sí gbólóhùn wákàtí 4 náà ni "A ó ṣe bẹ́ẹ̀." Gbogbo olùdíje ló lè kọ ìyẹn. Ohun tí ìgbìmọ̀ lè fún ní máàkì ni ẹ̀rí pé a ti jókòó ronú sí i. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40, ènìyàn 4 kò tíì tó láti gba àyíká ọ̀sẹ̀ náà, torí wákàtí 160 péré ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣe. Bí a bá sì ka ìsinmi àti àìsàn mọ́ ọn, ènìyàn 5 ló yẹ kó wà nínú ètò náà. Èsì tó bá fi tábìlì ètò iṣẹ́ àwọn márààrún hàn, tó sọ ibi tí wọ́n yóò ti gbéra àti bí ọ̀nà náà ṣe pẹ́ tó, tó tún dárúkọ asẹ́ àti bẹ́líìtì tí yóò máa wà nílẹ̀ de ìgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ti fún olùyẹ̀wò ní ohun tí yóò tọ́ka sí nígbà tó bá ń kọ máàkì. Kí ìdáhùn náà tẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n lò nínú ìwé ìpè. Olùyẹ̀wò tó ní èsì mẹ́jọ láti kà kò ní máa wá ìdáhùn kiri.

Nígbà tí wọ́n bá ní ká fi ọ̀nà ìṣiṣẹ́ sínú àpò kan, ká fi owó sínú òmíràn, iye owó kankan kò gbọ́dọ̀ yọjú nínú ti àkọ́kọ́. Ibi tó ti ń yọ síta láìmọ̀ ni ìwé iye ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ fún wa, tí a kàn so mọ́ ẹ̀yìn èsì. Ìyẹn nìkan tó láti lé èsì dànù.

Owó ló kù. Àtẹ tí ilé-iṣẹ́ tó ni jẹnẹrétọ̀ náà fi ránṣẹ́ ní ìlà mẹ́ta: ìtọ́jú oṣooṣù, tí iye rẹ̀ jẹ́ 216 (ẹ̀rọ 6, oṣù 36), wákàtí iṣẹ́ àtúnṣe, tí wọ́n fojú díwọ̀n sí 300, àti ẹ̀yà ẹ̀rọ. Kò sí ìlà fún àwọn tó ń dúró de ìpè lóru. Àwọn kan á fi ìlà kẹrin kún un. Ìyẹn léwu, torí ó ti yí àtẹ náà padà, kò sì ní ṣeé fi wé ti àwọn yòókù. Bákan náà ni kíkọ "owó yìí kò kan iṣẹ́ òru" sábẹ́ àtẹ, torí ó ti tako gbólóhùn tí a kọ bẹ́ẹ̀ni sí nínú tábìlì.

Inú àwọn ìlà tó wà nílẹ̀ ni owó ìdúró òru náà gbọ́dọ̀ wọ̀, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì sì ni pé èwo nínú wọn. Ká ní ìdúró òru yóò ná wa ní 8,640 ẹyọ owó fún ọdún 3. Bí a bá fi sí orí wákàtí àtúnṣe 300, wákàtí kọ̀ọ̀kan yóò gba 28.8. Ṣùgbọ́n àfojúdíwọ̀n ni 300 yẹn. Bí ẹ̀rọ bá ṣe dáadáa, tó jẹ́ wákàtí 100 péré ni wọ́n pè wá fún, 2,880 ni yóò padà wá, àdánù 5,760 sì dúró sí wa lọ́rùn. Ìtọ́jú oṣooṣù ló dájú, àdéhùn ti fi ìdí iye rẹ̀ múlẹ̀. 8,640 tí a pín sí 216 jẹ́ 40. Bí ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 45, a ó kọ 85, àpapọ̀ ìlà náà yóò sì jẹ́ 18,360.

Àṣìṣe nọ́ńbà ní òfin tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tẹ́ńdà, bí iye ẹyọ kan àti àpapọ̀ kò bá bára mu, iye ẹyọ ni wọ́n máa ń gbà, wọn á sì tún àpapọ̀ ṣe, àyàfi tó bá hàn gbangba pé àmì ìdá-mẹ́wàá ló ṣìnà nínú iye ẹyọ náà. Ẹni tó kọ 85 tó sì ṣi àpapọ̀ kọ sí 13,860 kò tíì bọ́ sí wàhálà ńlá, wọn á tún un ṣe sí 18,360. Àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, tó kọ 58 dípò 85, 12,528 ni àpapọ̀ rẹ̀ yóò di, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 18,360 tó tọ́ ló kọ síwájú rẹ̀. Bí kò bá gbà, wọ́n lè lé èsì rẹ̀ dànù, kí ìwé ìdúró báńkì rẹ̀ sì lọ sí i. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn tí kò ṣe ìṣirò náà ṣe é láti iye ẹyọ wá sí àpapọ̀, kí èsì tó kúrò nílẹ̀.

Ká ní gbogbo owó wa wá jẹ́ 24,000, ti alátakò wa sì jẹ́ 20,000, tí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tí owó gba 30, tí ìgbìmọ̀ sì fún wa ní máàkì 84 lórí ọ̀nà ìṣiṣẹ́, tí wọ́n fún alátakò ní 76. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lọ gba 100 lórí owó, ẹlòmíràn gba owó tó kéré jù lọ tí a pín sí owó tirẹ̀, tí a sì fi 100 sọ di púpọ̀:

```
Awa:      0.7 × 84 + 0.3 × (20000 / 24000 × 100) = 58.8 + 25 = 83.8
Alatako:  0.7 × 76 + 0.3 × 100                   = 53.2 + 30 = 83.2
```

A borí pẹ̀lú 0.6. Bí a bá gbé owó wa dé 25,000, 82.8 ni a ó gbà, a ó sì pàdánù. Bí a bá sì fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n tí ìgbìmọ̀ yọ máàkì 4 nínú 84 wa torí pé ètò iṣẹ́ òru kò hàn níbi kankan, àpapọ̀ wa yóò já sí 81, iṣẹ́ náà yóò sì lọ sọ́wọ́ alátakò tí máàkì rẹ̀ lórí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ kò tó tiwa.