Gíréèdì tó ti ilé-ìwé míì wá: báwo la ṣe ń ṣírò CGPA ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, bọ̀dá. Mo lo ọdún kan ní yunifásítì kan nílé kí n tó kọjá wá síbí l'Ábújá. Síkéèlì 4 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, 5 ni wọ́n ń lò níbí. CGPA mi níbẹ̀ jẹ́ 2.65, rúùmùméètì mi wá ní kí n sọ ọ́ di ìlọ́po 1.25, ó di 3.31, ó ní fọ́ọ̀sì kíláàsì ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Sẹmẹ́sítà tí mo kọ́kọ́ ṣe níbí, mo ní 4.20. Ṣé òótọ́ ló sọ?

Ìdáhùn: Irọ́ ni o, àbúrò mi, àmọ́ kì í ṣe irọ́ tó yẹ kó o torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Wò ó, ìlọ́po 1.25 yẹn, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fa síkéèlì 4 gùn kó lè bá 5 dọ́gba lókè, bẹ́ẹ̀ síkéèlì méjèèjì ò tẹ̀lé ara wọn báyẹn. Ẹni tó gba 65, B ló gbà ní ilé-ìwé méjèèjì. Níbẹ̀ B jẹ́ pọ́ìntì 3, níbí ó jẹ́ 4. Tó o bá wá sọ 3 di ìlọ́po 1.25, 3.75 ló máa fún ẹ, wọ́n ti jí 0.25 lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Lórí C, 2 á di 2.50, nígbà tó jẹ́ pé 3 ni C níbí. Lórí D ló wá burú jù, 1 á di 1.25, 2 ni níbí. Nínú gíréèdì téèyàn fi ń pàáàsì, A nìkan ni ò pàdánù nǹkan kan, torí náà bí B àti C èèyàn bá ṣe pọ̀ tó ni ìṣírò yẹn á ṣe rẹ́ ẹ jẹ tó.

Ohun tó yẹ ni kó o fi CGPA tó wà nísàlẹ̀ rìsọ́ọ̀tì sílẹ̀ pátápátá, kó o lọ mú kọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan. Wo máàkì tó o gbà, wá a lórí tábìlì ilé-ìwé tó o wà báyìí (70 sókè ni A, 60 sí 69 ni B, 50 sí 59 ni C, 45 sí 49 ni D, 40 sí 44 ni E, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni F), mú pọ́ìntì tó bá a mu, kó o wá sọ ọ́ di ìlọ́po yúnìtì kọ́ọ̀sì yẹn. Nínú rìsọ́ọ̀tì tó o fi ránṣẹ́ sí mi, yúnìtì 40 ló wà níbẹ̀: A yúnìtì 10, B 15, C 9, D 3, F 3. Ní ilé-ìwé àkọ́kọ́ ìyẹn jẹ́ 40, 45, 18, 3 àti òdo, àpapọ̀ ẹ̀ 106, o pín in sí 40, 2.65 náà nìyẹn. Níbí ó di 50, 60, 27, 6 àti òdo, àpapọ̀ 143, o pín in sí 40, ó jẹ́ 3.575. Ẹ gbọ́, 3.31 wà ní sẹ́kọ́ńdì kíláàsì ìsàlẹ̀, 3.58 ti wọ ti òkè, torí 3.50 ni ti òkè ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan náà, ọmọ kan náà!

Ọgbọ́n kékeré kan wà tí mo fi máa ń yẹ iṣẹ́ wò. Láàárín síkéèlì méjèèjì yìí, gbogbo kọ́ọ̀sì tó o pàáàsì ń fi pọ́ìntì 1 gẹ́lẹ́ ròkè, F nìkan ni ò kúrò lójú kan. Yúnìtì 37 lo pàáàsì nínú 40, ìyẹn jẹ́ 0.925, fi kún 2.65, ó di 3.575. Ó bára mu. Ẹni tó bá ti pólì bọ̀ kó má dán èyí wò o, torí A tiwọn láti 75 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, 72 á jẹ́ AB tí pọ́ìntì ẹ̀ jẹ́ 3.50, kì í ṣe 1 ló ń fi ròkè.

Ó kan ká pa á pọ̀ mọ́ ti ibí. Má ṣe mú 3.58 àti 4.20 kó o wá pín in sí méjì, torí yúnìtì 40 ló wà lẹ́yìn ọ̀kan, 20 ló wà lẹ́yìn èkejì. Pọ́ìntì la máa ń pàpọ̀: 4.20 ní ìlọ́po 20 jẹ́ 84, 143 àti 84 jẹ́ 227, pín in sí 60, CGPA ẹ lónìí jẹ́ 3.78. Lọ́dún tó kọjá, níwájú máíṣáyì kan lẹ́nu géètì ní Gwagwalada, ọmọ kan kó ti ẹ̀ fún mi lórí ẹ̀yìn páálí íńdómì, ó ti to pọ́ìntì síkéèlì 4 àti ti 5 sínú kọ́lọ́ọ̀mù kan. Tó bá jẹ́ tìẹ ni, 106 àti 84 nìyẹn, lórí 60, ó máa fún ẹ ní 3.17. Bó o ṣe máa mọ̀ pé ó ti bàjẹ́ ni pé 3.17 kéré ju 3.58 lọ, ó tún kéré ju 4.20 lọ, bẹ́ẹ̀ àárín méjèèjì ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀sì kíláàsì wá dé. O ní yúnìtì 160 ni gbogbo ètò ẹ, tó fi hàn pé 100 ló kù. Fọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ láti 4.50, ìyẹn pọ́ìntì 720 lórí 160. Tó o bá fẹ́ ṣe é lórí Excel:

```
=(4.5*160-227)/100
```

Ó máa fún ẹ ní 4.93. Ìṣírò rúùmùméètì ẹ máa fún ẹ ní 5.035, tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà láyé, ìdí tó fi ní ó ti bọ́ nìyẹn. 4.93 ṣeé ṣe, àmọ́ lórí yúnìtì 100, yúnìtì 7 péré lo láǹfààní láti gba B lórí ẹ̀, gbogbo ìyókù A ni. B kan lórí kọ́ọ̀sì yúnìtì mẹ́ta, C kan lórí yúnìtì méjì míì, ó ti tán. Mi ò ní tàn ẹ́. Ti 3.50 ní tiẹ̀ rọrùn, 3.33 péré ló gbà lórí èyí tó kù.

Àmọ́ kó o tó sunkún tàbí kó o rẹ́rìn-ín, nǹkan kan wà tí ò tíì yé mi nínú ọ̀rọ̀ ẹ. Ṣé gíréèdì ẹ ló bá ẹ kọjá wá, àbí yúnìtì nìkan? Àwọn ilé-ìwé kan máa ń gba kọ́ọ̀sì wọlé kí èèyàn má bàa tún un ṣe, wọn ò sì ní jẹ́ kí gíréèdì ẹ̀ wọ CGPA. Tó bá jẹ́ báyẹn ni, ká fi kárí-ófà yúnìtì 3 yẹn sílẹ̀ ná, yúnìtì 120 nìkan ni wọ́n máa kà: 540 ni fọ́ọ̀sì, o ti ní 84, 456 ló kù lórí 100, ìyẹn 4.56. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Kọ́ọ̀sì tó o ní F yẹn náà, bi wọ́n léèrè. O ní 42 lo gbà. Níbẹ̀ 45 ni wọ́n fi ń pàáàsì, níbí 42 jẹ́ E, pọ́ìntì 1. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni kì í gba ohun tí ilé-ìwé àkọ́kọ́ bá ti pè ní F wọlé, ohun yòówù kí máàkì ẹ̀ jẹ́, torí náà má tíì kà á mọ́ tìẹ.

Lọ bá ẹgízàm ọ́físà ẹ̀ka yín lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ, má gba ti ẹnu. Tí lẹ́tà yẹn bá ti dọ́wọ́ ẹ, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, ká mọ èwo nínú 4.93 àti 4.56 ni tìẹ.