Iye owó tí kò ṣeé san: bí ìbéèrè Sylvester ṣe di ti Frobenius

Láyé owó ẹyọ, ìbéèrè tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kò lè wá sọ́kàn oníṣòwò kankan ní Èkó. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn márùn-ún ni igba, igba mẹ́wàá ni ẹgbẹ̀wá, ẹgbẹ̀wá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Èyí tó kéré máa ń wọ inú èyí tó tóbi géérégé, ohunkóhun kò ní ṣẹ́ kù. Nígbà tí owó òyìnbó dé, bákan náà ni owó irin rẹ̀ rí. Kọ́bọ̀ mẹ́ta ni tọ́rọ̀, tọ́rọ̀ méjì ni sísì, sísì méjì ni ṣílè, owó onírin ṣílè méjì sì wà lókè wọn.

Owó bébà ló da ọ̀rọ̀ rú. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959, bébà oníṣílè márùn-ún wà lára owó tuntun tó gbé jáde. Márùn-ún kò ṣeé pín sí méjì-méjì. Ẹni tó bá ní ṣílè méjì-méjì àti ṣílè márùn-ún-márùn-ún nìkan lápò, kò sí bó ṣe lè ka ṣílè mẹ́ta pé sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ní ọdún 1973 a yí sí náírà, ó sì tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú owó irin 10 kọ́bọ̀ àti 25 kọ́bọ̀: ẹni tó ní méjì yẹn nìkan kò lè san 15 kọ́bọ̀. Ní ọdún 1991 ₦50 wá bá ₦20, ₦30 ló wá há. ₦200 jáde ní ọdún 2000, ₦500 tẹ̀ lé e ní ọdún 2001, ó wá kan ₦300. Ẹ wò ó dáadáa, méjì àti márùn-ún kan náà ló ń pààrọ̀ aṣọ láti ọjọ́ yìí wá. Lóòótọ́, owó tó kéré jù wọ́n lọ wà nígbà gbogbo tí yóò gbani sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ará Èkó ló mọ bí owó kékeré ṣe ń ṣọ̀wọ́n.

Ká ní ẹnì kan wà ní Ìdúmọ̀tà tí kò ní ju ₦200 mélòó kan àti ₦500 mélòó kan lọ́wọ́, tí ìyá ọlọ́jà sì ti sọ fún un pé, "Àǹtí, kò sí ṣénjì o." Kò lè san ₦100. Kò lè san ₦300. Ó lè san ₦400, igba náírà méjì ni. Ó lè san ₦500. Láti ibi méjì yìí lọ, ₦200 ni yóò kàn máa lé e: ₦400 yóò bí ₦600, ₦800, títí lọ, ₦500 yóò bí ₦700, ₦900, títí lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ₦300 ṣe jẹ́ iye ọgọ́rùn-ún tó tóbi jù tí kò ṣeé san. Bí ìyá ọlọ́jà bá ní ₦200 tó lè dá padà, ìṣòro ti tán, nítorí yóò gba ₦500, yóò sì fún un ní ṣénjì. Ibi tí kò ti sí ṣénjì nìkan ni ìbéèrè yìí ti ń jẹ́ ìbéèrè. Kọ̀ndọ́ dánfó náà mọ ọgbọ́n tirẹ̀: yóò so èrò méjì pọ̀. ₦300 kò ṣeé san, àmọ́ ₦300 lọ́nà méjì jẹ́ ₦600, igba náírà mẹ́ta sì ni ìyẹn.

Ìbéèrè náà wá rèé. Ẹ mú owó irú méjì èyíkéyìí, tí kò sí nọ́ńbà kan ju oókan lọ tó lè pín àwọn méjèèjì láìṣẹ́kù. Èwo ni iye tó tóbi jù tí ẹ kò lè fi wọ́n san?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè é ní ìṣòro Frobenius, nítorí Georg Frobenius, ará Jámánì, tó kú ní ọdún 1917. Àmọ́ orúkọ ẹlòmíì ló wà lórí àkọsílẹ̀ tó ṣáájú: James Joseph Sylvester, ará ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bí ní ọdún 1814. Júù ni Sylvester. Ó ṣe ipò kejì nínú ìdánwò ìṣirò ní Kémbíríìjì ní ọdún 1837, síbẹ̀ wọn kò fún un ní oyè, torí pé kò lè búra ẹ̀sìn tí ilé ìwé náà ń béèrè. Ní ọdún 1876 ó lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, ó sì dá ìwé àtẹ̀jáde ìṣirò sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1878. Inú ìwé yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa ti kọ́kọ́ yọjú, ní ọdún 1882. Kò sí owó kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ajẹmọ́ áljẹ́bírà ló ń ṣe, ó wá nílò láti mọ iye àwọn nọ́ńbà tí a kò lè rí nípa títo nọ́ńbà méjì kan jọ.

Ó padà sí Ìlú Ọba, Yunifásítì Ọ́sífọ́ọ̀dù sì gbà á. Ní ọdún 1884, nígbà tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, ìbéèrè kan jáde lórúkọ rẹ̀ nínú Educational Times, ìwé ìròyìn àwọn olùkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń fi ìṣirò dán ara wọn wò. Nọ́ńbà ìbéèrè náà ni 7382. W. J. Curran Sharp ló kọ ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀.

Ibi tí mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé ti ń gba Sylvester sọ ohun tí kò sọ nìyí. Ọ̀pọ̀ ń kọ ọ́ pé ní ọdún 1884 ó béèrè iye tó tóbi jù. Kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn ni *mélòó* ni àwọn tí kò ṣeé san. Ó ní kí a yọ oókan kúrò lára nọ́ńbà kìíní, kí a yọ oókan kúrò lára èkejì, kí a sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, kí a wá pín in sí méjì. Ìdáhùn tiwa ń bẹ nítòsí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìbéèrè náà wá.

Ẹ jẹ́ ká mú owó 4 àti owó 7. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà láti oódo sí ìlà mẹ́rin, kí ẹ máa fi 4 lé e bí ẹ ṣe ń lọ sápá ọ̀tún:

```
0   4   8  12  16  20  24
1   5   9  13  17  21  25
2   6  10  14  18  22  26
3   7  11  15  19  23  27
```

Owó 4 kì í gbé yín kúrò lórí ìlà tí ẹ wà, ọ̀tún nìkan ló ń tì yín sí. Owó 7 ló ń gbéni láti ìlà kan sí òmíràn. Tí ẹ kò bá lo 7 rárá, ìlà kìíní lẹ wà. 7 kan ṣoṣo bọ́ sí ìlà kẹrin. 7 méjì jẹ́ 14, ìlà kẹta nìyẹn. 7 mẹ́ta jẹ́ 21, ìlà kejì. 7 mẹ́rin di 28, ó ti padà sí ìlà kìíní tí owó 4 ti ń san fúnra rẹ̀. Nítorí náà, 21 ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó ṣeé san lórí ìlà kejì, òun sì ni ìlà tó pẹ́ jù kó tó ṣí. Èyí tó wà lápá òsì rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 17. Lẹ́yìn 17, gbogbo ìlà ti ṣí, kò sí iye tí ẹ kò lè san mọ́.

Bí a bá fẹ́ kọ ọ́ fún owó méjì èyíkéyìí, a ó sọ wọ́n di púpọ̀ lára wọn, a ó sì yọ àwọn méjèèjì kúrò: 4 lọ́nà 7 jẹ́ 28, ẹ yọ 4, ẹ yọ 7, ó ku 17. Fọ́múlà rẹ̀ ni ab − a − b. Ẹ̀ṣì tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn dúró sórí 28. 28 ṣeé san, 4 méje ni. Kìkì tí wọ́n bá fi dandan lé e pé ẹyọ kan, ó kéré tán, nínú owó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ni 28 fi máa ń di iye tó kẹ́yìn.

Ẹ wá ka àwọn tó há: 1, 5, 9, 13, 17; 2, 6, 10; àti 3. Mẹ́sàn-án ni wọ́n, bí Sylvester ṣe wí: 3 lọ́nà 6 jẹ́ 18, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 9. Ìdí tí ìdajì fi wọ̀ ọ́ ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ so nọ́ńbà méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 17 pọ̀: 0 àti 17, 1 àti 16, 2 àti 15, títí dé 8 àti 9. Nínú tọkọtaya kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ṣeé san, èkejì kò ṣeé san. Méjèèjì kò lè ṣeé san, torí 17 ì bá ti ṣeé san nìyẹn. Láti 0 dé 17 jẹ́ nọ́ńbà méjìdínlógún, ìdajì wọn ni kò ṣeé san.

Ẹ lo owó 4 àti owó 6 dípò rẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti ń bàjẹ́. 6, 12 àti 18 kò kúrò lórí ìlà kìíní àti ìkẹta. Ìlà kejì àti ìkẹrin kò ní ṣí láéláé, nítorí náà kò sí èyí tó tóbi jù. Fọ́múlà yóò ṣì fún yín ní 14, irọ́ pátápátá sì ni, torí 6 àti 4 méjì jẹ́ 14. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ₦200 àti ₦500 ní ọgọ́rùn-ún-ọgọ́rùn-ún, bíi 2 àti 5, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni orúkọ Frobenius ṣe débẹ̀? Alfred Brauer ló gbé e síbẹ̀. Ní Bẹ̀lín ló ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Issai Schur, Schur náà sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Frobenius. Ìjọba Násì lé Júù kúrò ní yunifásítì, Schur kú ní Tẹli Afífù ní ọdún 1941, Brauer ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Nínú iṣẹ́ kan tí Brauer tẹ̀ jáde ní ọdún 1942, ó kọ ọ́ pé Frobenius máa ń mẹ́nu ba ìbéèrè yìí nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. N kò rí i bí ìrẹ́jẹ pátápátá, torí ìbéèrè tí Brauer ń bá jà gbòòrò ju ti Sylvester lọ: owó irú mẹ́ta ńkọ́, tàbí mẹ́rin?

Níbẹ̀ ni fọ́múlà ti dákẹ́. Ní ọdún 1990, F. Curtis fi hàn pé kò sí fọ́múlà kan tí a fi ìròpọ̀, ìyọkúrò àti ìsọdipúpọ̀ kọ tó lè bá gbogbo owó mẹ́ta mu. Ìlà mẹ́rin wa kò bàjẹ́ ní tirẹ̀. Ẹ fi owó 9 kún 4 àti 7: 9 ló wá ṣí ìlà kejì, dípò 21. Ìlà kẹta tó ń dúró de 14 ló wá pẹ́ jù, 10 sì di iye tó kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 11 lẹ fi kún un, kò sí ohun tó yí padà, torí 4 àti 7 ti ń san 11 tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá sì fi 17 fúnra rẹ̀ ṣe owó kẹta, 13 ni kò ní ṣeé san kẹ́yìn.