Ínṣì Kan Tó Sápamọ́ Sínú Ìsàlẹ̀ Jákẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ránṣọránṣọ ni wọ́n kọ́ láti tẹ́ aṣọ òde sílẹ̀, kí wọ́n fi láínìn sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gé méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gé láínìn kéré díẹ̀, torí wọ́n gbà pé ohun tó wà nínú gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tó wà lóde, bí ìkòkò kékeré ṣe ń wọnú ìkòkò ńlá. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán báyìí máa ń dùn ún wò lórí tábìlì. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú bí ẹnu àpò tí wọ́n fa okùn rẹ̀. Aláṣọ á ní kiréèpù, aṣọ òde tí òun rà, kò dára. Kò sí ohun tó ṣe kiréèpù náà. Láínìn ló kúrú.

Àkàwé ìkòkò yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ìkòkò kì í jókòó, kì í bẹ̀rẹ̀, kì í nawọ́ mú ohun tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì ń ṣe gbogbo rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Kiréèpù máa ń gbà fún ara díẹ̀ bí ara bá tẹ̀. Láínìn ní tirẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òwú rẹ̀ wà létí ara wọn gbágbágbá, kì í nà. Bí kò bá sí àlékún nínú rẹ̀, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: kí ó fa aṣọ òde mọ́ra, tàbí kí ó ya lójú ìrán. Nítorí náà, láínìn gbọ́dọ̀ ní àlékún, àlékún náà kò sì gbọdọ̀ hàn síta. Ibi tí a ó fi í pa mọ́ sí ni iṣẹ́ tó kù.

Ti síkẹ́ẹ̀tì kò le. Àlékún rẹ̀ wà lókè, níbi ìbàdí: dípò kí wọ́n rán dáàtì láínìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ kí ó lè bá ìbàdí mu, pa bí wọ́n ti rán ti aṣọ òde, wọ́n á kàn ṣẹ́ ẹ bíi pílíìtì kékeré, wọ́n á rán an mọ́ bẹ́líìtì ìdí, kí ó lè là nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì rárá. Wọ́n á ṣẹ́tí rẹ̀ lọ́tọ̀, ínṣì kan sókè etí síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì yí ojú dáadáa rẹ̀ sí ara ẹni tó ń wọ̀ ọ́, kí ẹ̀yìn ìṣẹ́tí méjèèjì lè kọjú síra. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi òwú hun ṣéènì kékeré kan, bí ínṣì kan àbọ̀, láti so láínìn mọ́ síkẹ́ẹ̀tì ní ojú ìrán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí okùn ewúrẹ́ ni ṣéènì yìí. Ewúrẹ́ lè rìn, ó lè jẹko, ṣùgbọ́n kò lè wọ oko olóko. Bí wọ́n bá so okùn náà kúrú jù, ewúrẹ́ á fa èèkàn tu.

Ohun kan ló ń ba ti síkẹ́ẹ̀tì jẹ́, pàápàá èyí tó fẹ̀ nísàlẹ̀: ìkánjú. Níbi tí òwú aṣọ bá ti dàgẹ̀rẹ̀, tí àwọn aránṣọ ń pè ní báyáàsì, aṣọ máa ń fi ìwọ̀n ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ òde wúwo, láínìn fúyẹ́, wọn kì í sì í wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá ṣẹ́tí lọ́jọ́ tó rán an yóò rí i lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀gbẹ́ kan ti gùn ju èkejì lọ. Kí síkẹ́ẹ̀tì àti láínìn rẹ̀ sùn lórí háńgà mọ́jú kí ṣọ́ọ̀kì tó kàn wọ́n, kí wọ́n sì wọn gígùn wọn láti ilẹ̀ sókè, nígbà tí ẹni tó ni ín bá dúró nínú bàtà tí yóò fi wọ̀ ọ́. Ìbàdí ọ̀tún àti ti òsì kì í sábà ga dọ́gba. Ilẹ̀ kì í parọ́.

Jákẹ́ẹ̀tì ni ọgbọ́n gidi wà. Ìsàlẹ̀ láínìn tirẹ̀ kò dá wà bíi ti síkẹ́ẹ̀tì, nítorí pé bí wọ́n bá bọ́ jákẹ́ẹ̀tì fi kọ́ ẹ̀yìn àga, inú rẹ̀ á hàn. Wọ́n ń rán an mọ́ etí aṣọ òde yíká ni. Báwo ni aṣọ tí kì í nà ṣe lè lẹ̀ mọ́ òkè, kí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, kí ó má sì fa nǹkan kan?

Ká mú jákẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ pé láti ibi tí láínìn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn dé etí ìsàlẹ̀, ó gùn ní ínṣì 22. Aránṣọ fi ínṣì kan àbọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ kiréèpù, ó sì ká a sínú. Ó gé láínìn kí ó gùn ju etí jákẹ́ẹ̀tì tó ti parí lọ ní ààbọ̀ ínṣì, ìyẹn ínṣì 22 àbọ̀. Nígbà tó bá rán etí láínìn mọ́ etí kiréèpù tó ká sínú yẹn, ojú ìrán yóò gba ààbọ̀ ínṣì lára àwọn méjèèjì. Láínìn ku ínṣì 22. Kiréèpù tó ká sókè ku ínṣì kan, nítorí náà ojú ìrán náà jókòó sí ínṣì kan sókè etí jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ní ínṣì 21 láti òkè. Láínìn ínṣì 22 ti wà nínú àyè ínṣì 21. Ínṣì kan ló ṣẹ́ kù, kò sì ní ibi tí yóò lọ ju kí ó wálẹ̀ kọjá ojú ìrán, kí ó ṣẹ́po, kí ó sì padà sókè. Ìṣẹ́po náà á jókòó sí ààbọ̀ ínṣì sókè etí jákẹ́ẹ̀tì, á bo ojú ìrán mọ́lẹ̀, kò sì ní yọjú síta.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye rẹ̀ kíákíá, kí ó wo ìgbúnwọ́ ara rẹ̀. Bí ọwọ́ bá nà tọ̀ọ̀, awọ ibẹ̀ á hun jọ. Bí ọwọ́ bá ká, ìhunjọ náà á pòórá, awọ á sì tẹ́jú. Ẹni tó bá rí awọ tó hun jọ yẹn lè rò pé ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe àlékún yẹn, ọwọ́ ò ní lè ká rárá. Orúnkún náà rí bẹ́ẹ̀, oríkèé ìka pẹ̀lú. Gbogbo ibi tí ara ti ń tẹ̀ ni awọ ti kó pamọ́ de ìgbà tí wọn yóò nílò rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń pe awọ ìgbúnwọ́ ní ìrándànù. Ìdí nìyẹn tí láínìn jákẹ́ẹ̀tì fi tún máa ń ní pílíìtì ínṣì kan ní àárín ẹ̀yìn, tí ó ń là nígbà tí apá méjèèjì bá nà síwájú.

Èyí tó wúni lórí jù nínú ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ ni pé ó ń pín àṣìṣe sí méjì. Bí láínìn tó dá wà bá gùn sí i ní ààbọ̀ ínṣì, gbogbo ààbọ̀ ínṣì náà ló máa wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́po, ìdajì máa ń wà níwájú, ìdajì á wà lẹ́yìn, nítorí náà ìdámẹ́rin ínṣì péré ni ìṣẹ́po náà á fi wálẹ̀. Ó di ìgbà tí láínìn bá gùn sí i ní odindi ínṣì kan kí ìṣẹ́po tó dé etí jákẹ́ẹ̀tì. Bó bá sì jẹ́ pé ó sún kì ni, ó di ìgbà tó bá sún kì ní odindi ínṣì kan kí ìṣẹ́po náà tó tán, kí láínìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa aṣọ. Láínìn olówùú máa ń sún kì nínú omi, ti pọ́líẹ́sítà sì máa ń ká jọ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù. Àlékún yìí ń gba àwọn méjèèjì mọ́ra, aláṣọ ò sì ní mọ̀. Ohun tí aránṣọ fi sílẹ̀ kò ju ínṣì kan lọ.

Ó ní ohun kan tó gbẹ́kẹ̀ lé ṣá. Kiréèpù tó ká sókè nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ara jákẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán an mọ́ gúmùsitéè, ìyẹn aṣọ líle tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ òde, pẹ̀lú òwú tí kò fún, kí ó má baà hàn lójú aṣọ. Bí kò bá lẹ̀, ìwọ̀n láínìn á fa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ojú ìrán á kúrò ní àyè rẹ̀, ìṣirò òkè yẹn á sì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ń fo iṣẹ́ ọwọ́ yìí, kò sì yẹ kí wọ́n fò ó.

Igun iwájú ni àléébù ètò yìí. Níbi tí láínìn ti pàdé bèbè iwájú jákẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́po gbọ́dọ̀ parí, síbẹ̀ ínṣì kan àlékún ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀nà tó mọ́ tó láti fi ẹ̀rọ ṣe é. Wọ́n á fi ọwọ́ tẹ àlékún náà sílẹ̀ títí yóò fi bá ìṣẹ́po yòókù dọ́gba, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ rán bí ínṣì kan ní òró mọ́ bèbè náà. Ẹni tó bá gé àlékún ibẹ̀ dànù kí igun lè mọ́ yóò rí i pé etí iwájú jákẹ́ẹ̀tì náà ń ká wọnú, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ wà dáadáa.

Ibi tí àbùkù bá sì ti hàn máa ń sọ ohun tó fà á. Bí etí jákẹ́ẹ̀tì bá ń ká wọnú yíká, láínìn kúrú. Bí ó bá jẹ́ igun iwájú nìkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé àlékún dànù. Bí láínìn bá ń yọjú nísàlẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wò bóyá òwú tí wọ́n fi gán kiréèpù ti já kí wọ́n tó dá láínìn lẹ́bi pé ó gùn jù. Bí ìlà kan bá hàn lójú aṣọ òde, ní bí ààbọ̀ ínṣì sókè etí, áyọ́ọ̀nù ló tẹ ìṣẹ́po mọ́ ọn jù. Inú ni kí wọ́n ti lọ ìṣẹ́po náà, pẹ̀lú iná kékeré, kí wọ́n sì ti bébà bọ àárín rẹ̀ àti kiréèpù.

Kí jákẹ́ẹ̀tì tó kúrò lọ́wọ́ aránṣọ, kí ó gbé e kọ́ sórí háńgà, kí ó fi ìka méjì mú ìṣẹ́po láínìn náà, kí ó rọra gbé e sókè. Bí ojú ìrán bá hàn lábẹ́ rẹ̀, tí ìṣẹ́po sì padà sí àyè rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó fi í sílẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì náà ti tó ó gbé fún aláṣọ.